Kí Ìwé Tó Bá Ara Tan Lè Jókòó Pọ̀

Àbúrò mi, ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí ti wà lọ́kàn mi láti oṣù tó kọjá. Mo yà sí ilé-ìkàwé kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Wọ́n ti kun ògiri rẹ̀, wọ́n ti ra àga tuntun, atẹ́gùn sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Bàbá àgbẹ̀ kan ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń ká kò, àwọ̀ ìyeyè ń yọ lára rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ ohun tó fà á.

Ìwé mẹ́ta ló wà nínú yàrá yẹn tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gẹ́. Àmọ́ lẹ́tà tí àkọlé ìwé fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi to gbogbo ìwé ibẹ̀. Ọ̀kan wà lábẹ́ Ẹ. Ọ̀kan wà lábẹ́ G, nítorí gbágùúdá ni ẹni tó kọ ọ́ pe ẹ̀gẹ́. Ẹ̀kẹta wà lábẹ́ O, nítorí "oko" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé rẹ̀. Bàbá rí èyí tó wà lábẹ́ Ẹ, ó ṣí i, kò rí nǹkan kan nípa àrùn nínú rẹ̀. Ó dá a padà síbi tó ti mú un, ó kí wa, ó lọ. Nígbà tí mo fi máa rí èyí tó wà lábẹ́ O, tí orí kan gbáko nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ àrùn ewé ẹ̀gẹ́, ọ̀kadà ti gbé bàbá lọ.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí o pè mí tí o ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ mi bí mo ṣe máa to ìwé 640 tí àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kó fún ilé-ìkàwé wa." A ti jọ ṣe é, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, kí o lè rí i wò lọ́jọ́ tí mi ò bá sí nítòsí, kí àwọn àbúrò mi mìíràn tí ìwé wà nílẹ̀ níwájú wọn náà sì lè rí i kà.

Ọ̀nà tí mo ń lò ni ti Melvil Dewey, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst, tó tẹ ètò rẹ̀ jáde ní 1876. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ló ń fún igi ní nọ́ńbà: àpótí ìwé kẹta, pẹpẹ kejì, ìwé kẹjọ. Bí pẹpẹ yẹn bá kún, ìwé tuntun lórí ọ̀rọ̀ kan náà á lọ jókòó síbi tó jìnnà, bí wọ́n bá sì kó ilé-ìkàwé náà lọ sí yàrá mìíràn, wọ́n á tún gbogbo nọ́ńbà kọ. Dewey fún ọ̀rọ̀ inú ìwé ní nọ́ńbà, ó fi igi sílẹ̀. Nítorí náà, ìwé tuntun lórí ẹ̀gẹ́ á kàn wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó wà lápá ọ̀tún á sún díẹ̀, kò sí nọ́ńbà kankan tó máa yí padà.

Ó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá. 000 ni ti ìmọ̀ gbogbogbòò àti kọ̀ǹpútà, 100 ni ti ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti ìrònú ẹ̀dá, 200 ni ti ẹ̀sìn, 300 ni ti àwùjọ, òfin, ètò ẹ̀kọ́ àti ọrọ̀ ajé, 400 ni ti èdè. 500 ni ti sáyẹ́ǹsì, 600 ni ti iṣẹ́ tí à ń fi sáyẹ́ǹsì ṣe, bí ìṣègùn, oko àti oúnjẹ, 700 ni ti iṣẹ́ ọnà, orin àti eré ìdárayá, 800 ni ti lítíréṣọ̀, 900 sì ni ti ìtàn àti ilẹ̀ ayé. Má wulẹ̀ há a sórí. Lẹ́yìn ìwé ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ rẹ á ti mọ̀ ọ́n.

Ṣé o rántí ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí a tẹ́ ẹní mẹ́wàá sílẹ̀? Ibẹ̀ ni kí o ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹní kan fún ọ̀nà kan, kí ẹ máa kó ìwé lé e, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń kọ nọ́ńbà kankan. Òkìtì kọ̀ọ̀kan á fi ohun tí ilé-ìkàwé rẹ jẹ́ hàn ọ́. Tiwa ní ìwé 171 lórí ẹní 800, ó ní 138 lórí ẹní 200, mẹ́ta péré ló sì wà lórí ẹní 100. Nígbà tí o bá ti rí i báyìí, o ti mọ ibi tí o ti nílò nọ́ńbà gígùn àti ibi tí nọ́ńbà mẹ́ta ti tó.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé àwọn ọmọ tó ń ràn wá lọ́wọ́ ń fi ojú ẹ̀yìn ìwé pín in. Ọ̀kan nínú wọn gbé *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí Fágúnwà kọ ní 1938 sórí ẹní 700, nítorí pé ọdẹ ṣíṣe wà níbẹ̀ ní 799. Òmíràn gbé *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ sórí ẹní 900, ó ní ìtàn ìgbésí ayé ìyálóde Ìbàdàn ni. Àṣìṣe yìí kò fi hàn pé ọmọ kò gbọ́n, àkọlé ló tàn án. Ìtàn àròsọ ni ìwé Fágúnwà, kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ọdẹ. Eré oníṣe ni ti Ìṣọ̀lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó gbé láyé rí ló dá lé. 800 ni àwọn méjèèjì. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, òun ló wà lórí ẹní 900, ní 966.9, níbi ìtàn Nàìjíríà.

Nítorí náà, kí o tó gbé ìwé sílẹ̀, ṣí i. Wo ojú ìwé àkọlé, wo àkóónú, ka ìpín àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ó máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìwé kan, nígbà mìíràn márùn-ún. Wo ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé náà, níbi tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé máa ń wà, torí pé wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà Dewey sínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ lókè òkun. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà, tẹ àkọlé rẹ̀ sínú catalog.loc.gov, kátálọ́ọ̀gì ilé-ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà. Ìwé tiwa pọ̀ níbẹ̀ ju bí o ṣe rò lọ.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, tó sì máa ń dà wọ́n láàmú títí wọ́n á fi jù ú sílẹ̀. Dewey kì í bi ọ́ pé, "Kí ni ìwé yìí sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?" nìkan. Ó tún ń bi ọ́ pé, "Iṣẹ́ wo ló fi wo nǹkan náà?" Mú ẹ̀gẹ́ kan náà wò. Ìwé tó sọ bí àgbẹ̀ ṣe ń gbìn ín, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó ń wa á, 633.682 ni, nínú iṣẹ́ oko. Ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di gàrí tàbí sítáàṣì nílé iṣẹ́ wà ní 664. Ìwé tí ó kọ́ ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń fi í se oúnjẹ wà lábẹ́ 641.6. Èyí tó ń sọ iye ẹ̀gẹ́ tí orílẹ̀-èdè kan ń pèsè àti bí owó rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, ọrọ̀ ajé ni, 338.1 ni ààyè rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kan, ojú mẹ́rin, pẹpẹ mẹ́rin.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé, "Àǹtí mi, ṣé kì í ṣe ìtúká tí ẹ ń sá fún nìyẹn?" Rárá. Ẹni tó ń se oúnjẹ kò nílò ìwé àrùn ewé; ìwé oúnjẹ mìíràn ló nílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó mú. Àgbẹ̀ náà, ìwé àgbàdo àti ìwé kòkó ló yẹ kó yí tirẹ̀ ká. Ìbátan tí Dewey ń tò ni ti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà. Bó ti wù kó rí, ẹnì kan á wá lọ́jọ́ kan tí yóò fẹ́ gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ẹ̀gẹ́, yálà ti oko tàbí ti ọjà. Mo máa sọ bí a ṣe ń ṣe é fún onítọ̀hún láìpẹ́.

Ohun kan wà nínú nọ́ńbà yìí tó máa dùn mọ́ ọ tí o bá ti rí i. Wo ìrù nọ́ńbà ẹ̀gẹ́: 633.682. Bí o bá fẹ́ kọ nọ́ńbà oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ sè ní kíkún, 641.63682 ló máa jẹ́. O rí 3682 yẹn? Ìrù kan náà ni. Nàìjíríà pẹ̀lú ní ìrù tirẹ̀, 669: 966.9 ni ìtàn rẹ̀, 916.69 ni ìrìn àjò inú rẹ̀ àti bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, 641.59669 ni oúnjẹ ibẹ̀. Yorùbá ní 6333: 496.333 ni èdè wa, 896.333 ni lítíréṣọ̀ wa. Nínú lítíréṣọ̀, a tún lè fi nọ́ńbà kan kún un, 1 fún ewì, 2 fún eré oníṣe, 3 fún ìtàn àròsọ. Ìdí nìyí tí Ìṣọ̀lá fi wà ní 896.3332, tí Fágúnwà sì wà ní 896.3333. Àní ìwé Fágúnwà yẹn tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1968, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó rẹ̀ ló máa jókòó, torí èdè tí wọ́n fi kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ náà ni à ń wò. Ṣùgbọ́n eré tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ wà ní 822, láàárín àwọn eré Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ràn ìyẹn. Èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo ti rí i pé bí a bá ń fi ìlú ẹni tó kọ ìwé pín in, a ò ní mọ ibi tí a máa gbé ẹni tí wọ́n bí sí ìlú kan tó sì kú sí òmíràn sí.

Má ṣe ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn. Bí ìwé oúnjẹ Nàìjíríà rẹ bá jẹ́ mẹ́rin péré, 641.5 tó fún gbogbo wọn, kí àwọn tó ń kàwé má bàa máa ka nọ́ńbà bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù. Ìlànà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nìyí: bí nọ́ńbà kan bá ti ní ju ìwé ọgbọ̀n lọ, ìyẹn pẹpẹ kan kíkún, mo máa fi nọ́ńbà kan kún un. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, mo fi sílẹ̀ ní kúkúrú. Ìwé Yorùbá wa tó wà ní 896.333 jẹ́ 94, nítorí náà a pín wọn sí ewì, eré àti ìtàn. Ti ẹ̀gẹ́ kò ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ ní 633.682, nítorí àwọn àgbẹ̀ tó yí ilé-ìkàwé rẹ ká.

Ìwé tó ń ṣe ìyọnu jù ni èyí tó sọ̀rọ̀ nǹkan méjì. O rántí èyí tó dá lórí títọ́jú ewúrẹ́ àti adìyẹ, tí o gbé lọ gbé bọ̀? Wo èyí tó gba ojú ìwé púpọ̀ jù nínú méjèèjì, kí o gbé e síbẹ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣáájú ni kí o mú. Ewúrẹ́ jẹ́ 636.39, adìyẹ jẹ́ 636.5, nítorí náà ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ ni ìwé náà ń lọ. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá tún kún un, tó wá di mẹ́ta, kúrò lára wọn, lọ sí 636, tó jẹ́ ti ohun ọ̀sìn lápapọ̀. Bí ìwé bá sì sọ bí nǹkan kan ṣe ń ṣe òmíràn, bíi bí òjò ṣe ń ba kòkó jẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń ṣe ni kí o gbé e lọ. 633.74 ti kòkó ni, kì í ṣe 551.5 ti ojú ọjọ́, torí pé àgbẹ̀ kòkó ló máa wá a. Ohunkóhun tí o bá pinnu, kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ kan tí kò ní kúrò lórí tábìlì rẹ. Ohun tó ń ba ilé-ìkàwé jẹ́ jù ni pé lónìí ẹni kan gbé irú ìwé kan síbí, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹlòmíràn gbé ìkejì rẹ̀ sọ́hùn-ún, kó má sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń ká mi lára jù. Mo ti wọ ilé-ìkàwé tí wọ́n kó gbogbo ìwé tí a fi èdè Yorùbá kọ sí igun kan, tí wọ́n kọ "Yorùbá" sí i lókè. Ìwé tó kọ́ aboyún bó ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé ìṣirò wà níbẹ̀, ìwé oko, ìwé orin ìjọ, gbogbo wọn wà pa pọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí wọ́n sọ ju pé Yorùbá ni wọ́n. Àbúrò mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé aboyún ní ààyè rẹ̀ ní 618.2, kí ó jókòó ti èyí tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, kí obìnrin tó dé pẹpẹ yẹn yan èyí tó lè kà. Bí o bá fẹ́ kí a rí i pé Yorùbá ni, lẹ tépù aláwọ̀ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. A ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, o sì rí i pé wọ́n tàn káàkiri yàrá bí ẹ̀wà nínú ìrẹsì.

Obìnrin kan ti ja ìjà yìí kí a tó bí wa. Dorothy Porter ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìwé àwọn ènìyàn dúdú ní Yunifásítì Howard ní Washington ní 1930. Ó rí i pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé nígbà náà, ohunkóhun tí aláwọ̀ dúdú bá kọ, 325 tàbí 326 ni wọ́n ń fún un. 326 ni ti ẹrú, 325 ni ti ìṣíkiri àwọn ènìyàn àti ìjọba amúnisìn. Akéwì dúdú kọ ewì, wọ́n gbé e sí 325. Porter kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé ewì sọ́dọ̀ ewì, ìtàn sọ́dọ̀ ìtàn, orin sọ́dọ̀ orin. Nígbà kúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé nọ́ńbà kan ti wà láti ilẹ̀ wá, kò sì ṣeé béèrè ìdí rẹ̀, rántí obìnrin yẹn.

Torí ètò Dewey ní àbùkù, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Nínú ẹ̀sìn, 220 dé 280 jẹ́ ti ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì. Gbogbo ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà ní 297 nìkan. Tiwa wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní 299.68333. Ní ilé-ìkàwé kan tí ìwé Ìsìláàmù ti pọ̀, nọ́ńbà 297 máa gùn gan-an, kò sí ohun tí o lè ṣe sí i ju kí o fún wọn ní pẹpẹ tó láàyè. Lórí Ifá, mo ní ìpinnu kan tí mi ò lè yí. Àwọn kan máa ń gbé ìwé Ifá sí 133, níbi tí wọ́n kó iwin, àjẹ́ àti ìwòràwọ̀ sí. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tó ṣàlàyé Ifá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn, 299.68333 ni mo ń gbé e sí, pẹ̀lú àwọn ìwé òrìṣà yòókù, yálà Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kọ ọ́ tàbí Bàhíà tàbí Hàfánà. Òwe wà ní 398.9, àlọ́ wà ní 398.2, àwọn yẹn kò sì ní wàhálà.

Ó ku títò. Fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ojú ìwé àkọlé lákọ̀ọ́kọ́, torí pé o máa yí ọ̀pọ̀ padà. Nígbà tí ọkàn rẹ bá ti balẹ̀, kọ lébẹ́ẹ̀lì fún ẹ̀yìn ìwé: nọ́ńbà lókè, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé ẹni tó kọ ọ́ nísàlẹ̀. Ti Fágúnwà á jẹ́ 896.3333, lẹ́yìn náà FAG. Lẹ gbogbo rẹ̀ sí ibi gíga kan náà, nǹkan bíi ìka méjì láti ìsàlẹ̀ ìwé, kí ojú lè máa rìn lọ tààrà. Pinnu nísinsìnyí bóyá Ẹ yóò tẹ̀ lé E tàbí wọ́n á dà pọ̀, bóyá Ṣ yóò tẹ̀ lé S. Èmi ń jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ léra bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe ní kí wọ́n ṣe.

Àṣìṣe kan wà tí mo ti rí ju gbogbo àṣìṣe lọ lórí pẹpẹ, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó mọ ìṣirò. Gbé ìwé mẹ́ta fún un: àgbàdo 633.15, ẹ̀gẹ́ 633.682, kòkó 633.74. Ó máa gbé kòkó ṣáájú ẹ̀gẹ́, torí pé 682 ju 74 lọ lójú rẹ̀. Kọ́ ọ pé lẹ́yìn póìǹtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń kà á: wo 1, wo 6, wo 7. 1 ló ṣáájú, 6 tẹ̀ lé e, 7 ló kẹ́yìn. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá dọ́gba, kí ó lọ sí èkejì. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ìka bo ìyókù, kí wọ́n sì máa ṣí i sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan péré ló gba àwọn ọmọ tìrẹ.

Òsì sí ọ̀tún là ń to pẹpẹ, lẹ́yìn náà a sọ̀ kalẹ̀ sí pẹpẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú àpótí kan náà. Má ṣe jẹ́ kí ìlà kan gba gbogbo ògiri já láti àpótí kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó ń wá ìwé á máa rìn lọ rìn bọ̀. Pẹpẹ oní-90 sẹ̀ǹtímítà máa ń gba nǹkan bíi ọgbọ̀n ìwé bí a bá kún un fọ́fọ́. Má kún un fọ́fọ́. A fi 22 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ní kí káfíńtà ṣe àpótí mẹ́fà onípẹpẹ márùn-ún, tó jẹ́ pẹpẹ ọgbọ̀n. Bí ìwé tuntun lórí ẹ̀gẹ́ bá dé lọ́la tí pẹpẹ sì ti kún, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á tì í sí ibi tí àyè bá wà, ó sì parí fún ìwé yẹn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, ìwé atọ́ka ni ìdáhùn. Dewey pàápàá fi atọ́ka sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ní 1876. Mú ìwé àjákọ kan, pín in fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ bí àwọn ènìyàn ìlú rẹ ṣe ń pè é. Tìrẹ kà báyìí: "Ẹ̀gẹ́: gbígbìn àti àrùn rẹ̀, 633.682, fífi ṣe gàrí, 664, sísè, 641.6, ọjà rẹ̀, 338.1." Lábẹ́ G, o kọ "Gbágùúdá: wo Ẹ̀gẹ́." Lábẹ́ P, o kọ "Pákí: wo Ẹ̀gẹ́." Ìlà méjì yẹn ló máa gba ẹni tí kò pe nǹkan bí o ṣe ń pè é là. Fi okùn so ó mọ́ tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá fi béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ tí kò sí níbẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ kí ó tó kúrò níwájú rẹ.

Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ka lébẹ́ẹ̀lì pẹpẹ márùn-ún láti òsì sí ọ̀tún. O máa rí ìwé tó ti ṣìnà. Lẹ́yìn náà, fa ìwé kan yọ láìwò, kí o wo èyí tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Bí àlejò kò bá lè fi àwọn méjì yẹn mọ ohun tí ẹ̀kẹta dá lé, tún nọ́ńbà rẹ̀ yẹ̀ wò.

Mo wá bàbá àgbẹ̀ yẹn kàn. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, mo mú un wá sọ́dọ̀ rẹ, o ṣì wà nílé ìwé nígbà náà. Mo ṣí ìwé atọ́ka fún un, ó fi ìka tọ ìlà náà, ó ka nọ́ńbà jáde, ó sì rìn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó rí ìwé tó sọ̀rọ̀ àrùn ewé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé yẹn nìkan ló gbé. Lápá òsì rẹ̀ díẹ̀, ní 632, ìwé kan wà lórí kòkòrò àti àrùn tó ń ba irè oko jẹ́, èyí tí kò béèrè fún, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ó ṣí i dúró lórí ìdúró, ó kà á pẹ́, ó wá bi mí pé ṣé òun lè mú méjèèjì lọ sílé. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Ó ní òun á dá wọn padà ní ọ̀sẹ̀ méjì.